Ohùn Ọmọ Yín Ni, Àmọ́ Ta Ló Ń Pè?

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni fóònù ẹ̀gbọ́n màmá mi dún nílé wọn ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Nọ́ńbà náà ṣàjèjì, ṣùgbọ́n àwòrán ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló hàn lórí Wásáàpù ẹni tó ń pè. Wọ́n gbé e. "Mọ́mì, ẹ gbà mí, mo ti kó sí wàhálà!" Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló fi parí, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin kan bá gba fóònù. Ó ní lọ́yà lòun, pé ọmọ wọn fi mọ́tò kọ lu aboyún, pé bí ₦850,000 kò bá wọlé kí aago mẹ́wàá tó lù, àtìmọ́lé ló máa sùn. "Ẹ má pe ẹnikẹ́ni o, mà. Tọ́rọ̀ bá ti jáde síta, ẹjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn."

Ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ owó náà. Ó ti tẹ nọ́ńbà akáùntì tán, orúkọ sì ti jáde: ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì àgbà, ṣebí Bùọ̀dá ò ní láísẹ́ǹsì? Ṣebí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́?" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí láti mí èémí. Wọ́n gé ìpè náà, wọ́n pe nọ́ńbà ọmọ wọn gan-an. Ó dún títí, kò gbé e. Wọ́n pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní ó wà nínú yàrá, ó ń sùn díẹ̀ kó tó jáde lọ síṣẹ́ òru.

Títí dòní, bí a bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kan náà ni wọ́n ń fún wa: "Ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹ má sọ mí di arúgbó tí etí ẹ̀ ti di." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohùn rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn àgbà lórí gbájúẹ̀ orí fóònù ni pé kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Etí kọ́ ló kù tí a máa fi dá ẹjọ́ yìí mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rí ohùn náà

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Máíkírósọ́ọ̀fùtù gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní VALL-E. Ohùn èèyàn tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ ló nílò kó tó lè máa sọ ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ fún un, bí ẹni pé onítọ̀hún ló ń sọ ọ́. Wọn kò fi irinṣẹ́ yẹn sọ́wọ́ gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ọ́ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, òmíràn lówó pọ́ọ́kú. Lóṣù kan náà, wọ́n pe obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Àrísónà l'Ámẹ́ríkà, ó gbọ́ ẹkún ọmọbìnrin rẹ̀, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan ní òun ti jí ọmọ náà gbé. Mílíọ̀nù kan dọ́là ló kọ́kọ́ béèrè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé $50,000. Wọ́n rí ọkọ obìnrin náà bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù mìíràn, ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Obìnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ọ̀rọ̀ náà níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tó sì tẹnu mọ́ ni pé òun kò ṣiyèméjì rárá pé ohùn ọmọ òun ni.

Níbo ni wọ́n ti ń rí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n nílò? Ẹ wo sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù tí a ń gbé síta, fídíò ìgbéyàwó tí ọkọ ìyàwó ti gba máìkì tó ń dúpẹ́, ìwàásù, fídíò ọjà tí a ń polówó lórí Fesibúùkù. Èyí tí mo rò pé àwa ń fojú fò jù ni fóìsì nóòtù inú ẹgbẹ́ Wásáàpù, irú ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí igba èèyàn wà nínú ẹ̀ tí kò sì sí ẹni tó mọ gbogbo wọn. Fóìsì kan ṣoṣo níbẹ̀ lè tó ìṣẹ́jú méjì, ohùn kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, kò sí orin lábẹ́ ẹ̀, ẹnu èèyàn sì sún mọ́ fóònù dáadáa. Irú ohùn tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́.

Ní ti mọ̀lẹ́bí, àwa fúnra wa là ń kọ ọ́ síta. "Ẹ bá mi kí màmá mi, wọ́n pé àádọ́rin ọdún lónìí," orúkọ wọn wà lábẹ́ ẹ̀, àwòrán wọn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Bí wọ́n bá sì jí fóònù yín nínú dánfó, tí kò sí pásíwọọ̀dù lórí ẹ̀, orúkọ tí ẹ fi pamọ́ ti parí iṣẹ́ fún wọn: "Mọ́mì mi", "Bùọ̀dá Káńádà".

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lo ohùn náà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì fún ohun tí a máa sọ níwájú. Ọ̀nà kìíní ni pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ kà á jáde. Èyí kì í lè fèsì kíákíá, nítorí ẹni kan ní láti máa tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí "ọmọ" fi ń sọ gbólóhùn méjì péré kí "lọ́yà", "dókítà" tàbí "ọlọ́pàá" tó gba fóònù. Ẹkún náà kì í ṣe àṣejù lásán. Ó ń bo ibi tí ẹ̀dà ohùn náà ti kù díẹ̀ káàtó, ó sì ń dààmú ọkàn ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí oníjìbìtì máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa yí ohùn rẹ̀ padà sí ti ọmọ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹni yẹn lè bá yín tàkurọ̀sọ.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé Yorùbá ló máa tú wọn fó, pé ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń kàwé, bí wọ́n bá sì ka Yorùbá, ohùn máa ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ tí ń fi Ìjẹ̀ṣà bá yín sọ̀rọ̀ láti kékeré bá ṣàdédé ń sunkún ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fura. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ni wọ́n lò, Yorùbá oníjìbìtì náà ni ẹ máa gbọ́ nínú ohùn ọmọ yín, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ẹ fi èyí ṣe ìdí láti fura, ẹ má fi ṣe ìdí láti gbà gbọ́ láéláé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gé ìpè náà

Ìgbésẹ̀ yìí ló le jù, òun sì ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Kò sí òbí tí yóò gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ tí yóò fẹ́ já fóònù. Oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ní kí ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ títí owó yóò fi wọlé. Ẹ fún ẹnu yín ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, kí ẹ má bàa máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a lọ́jọ́ náà: "Mo ti gbọ́. Mò ń pè padà." Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ fún un pé ẹ ti mọ̀ ọ́n ní olè.

Ìbẹ̀rù kan máa ń dá èèyàn dúró níbí: bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́pàá ìlú ọba kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó bélì ránṣẹ́ sí akáùntì ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn. Ní Nàìjíríà níbí, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni bélì. (Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbà á lọ́wọ́ yín pàápàá yóò jẹ́ kí ẹ mọ tẹ́ṣàn tí ọmọ wà.) Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n dárúkọ, ẹ béèrè èwo ni, kí ẹ ní ẹnì kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ti ń bọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ yóò dúpẹ́. Olè yóò wá ìdí tí ẹni náà kò fi gbọdọ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀

Ẹ má tẹ ìpè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti fi pè padà, ẹ má sì pe nọ́ńbà tí "lọ́yà" fún yín. Inú fóònù yín ni kí ẹ lọ, níbi tí ẹ fi orúkọ ọmọ pamọ́ sí, kí ẹ pè é láti ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè fi àwòrán ọmọ yín sójú Wásáàpù rẹ̀, ẹ̀rọ sì wà tí wọ́n fi ń mú kí nọ́ńbà ẹlòmíràn hàn lójú fóònù yín bí ẹni pé òun ló ń pè. Wọ́n lè fi nọ́ńbà ọmọ yín pè yín. Àmọ́ bí ẹ̀yin bá pe nọ́ńbà náà, ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni yóò ti dún. Bí ẹ bá fẹ́ rántí ohun kan péré nínú gbogbo èyí, ẹni tó pè kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo ẹni tó gbé e nígbà tí ẹ̀yin pè.

Ibi mẹ́ta ni ìgbésẹ̀ yìí ti lè yẹ̀. Àkọ́kọ́, ọmọ lè má gbé e. Ó lè máa sùn bíi ti ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi yẹn, ó lè wà nínú bàálù, oníjìbìtì sì lè ti rí i lórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ pé ó ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta tó sún mọ́ ọn sínú ìwé, kì í ṣe inú fóònù nìkan: ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ẹnì kan níbi iṣẹ́, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi, ara fíríìjì ni a lẹ ìwé náà mọ́. Bí ìyàwó kò bá tíì gbé e lọ́jọ́ yẹn, ẹni kejì ló kàn.

Ìkejì, ìpè lè máa ya sí ibòmíràn. Oníjìbìtì lè ti tan ọmọ náà pé kó tẹ kóòdù kan, kí gbogbo ìpè rẹ̀ sì máa lọ sórí fóònù tiwọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yẹ tirẹ̀ wò. Èyí àkọ́kọ́ ń fi hàn bóyá ìpè ń yà, èkejì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́:

```
*#21#
##002#
```

Èkejì yẹn máa pa fóìsì méèlì pàápàá bó bá wà lórí síìmù náà, kí ẹ má bàa yà á sí àjèjì.

Ìkẹta, wọ́n lè ti gba Wásáàpù ọmọ náà, kí ìpè àti ọ̀rọ̀ máa wá láti orí nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tí Wásáàpù ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń tan èèyàn gbà. Kí olúkúlùkù wọ Settings, kó tẹ Account, kó tẹ Two-step verification, kó sì fi píìnì sí i. Kó tún wo Linked devices, kó yọ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí kò bá mọ̀. Nítorí èyí, bí ọ̀rọ̀ owó bá wá láti orí Wásáàpù, ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì lásán pe ọmọ náà, ẹ má fi Wásáàpù pè é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀rọ̀ tí ilé nìkan mọ̀

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí Amẹ́ríkà, ìyẹn FBI, gba àwọn ìdílé níyànjú pé kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan láàárín ara wọn. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ń ba á jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ ajá, orúkọ àdúgbò, orúkọ ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ wà lórí Fesibúùkù. Oríkì ni ó kọ́kọ́ sọ sí àwa náà lọ́kàn, ó sì dùn létí pé kí màmá ní "Àkànjí", kí ọmọ parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì la máa ń kọ jù lọ́jọ́ ìbí. Òwe pàápàá kò dáa, ẹni tó bá gbọ́ ìdajì rẹ̀ lè parí rẹ̀.

Ohun tí a ṣe nìyí. A mú ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè béèrè, a fún un ní èsì tí kò bá a mu rárá. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí wọ́n pè á béèrè pé, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Èsì rẹ̀ ni, "Àwo fọ́ lánàá." (Ẹ wá tiyín o, ẹ má lo èyí.) Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbọ́ kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òjò ń rọ̀," ó sì ti tán. Bí ọmọ bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lóòótọ́, ó lè dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n fura.

A kò kọ ọ́ sórí Wásáàpù. Àwọn tó wà nílé gbọ́ ọ lẹ́nu nígbà tí a péjọ, àwọn tó wà lókè òkun sì gbọ́ ọ lórí ìpè tí àwa pè. Ẹni tí wọ́n pè ló gbọ́dọ̀ béèrè, ẹni tó pè ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí "ọmọ" bá ní, "Mọ́mì, kí lọ̀rọ̀ tí a jọ sọ yẹn ná?", ẹ kò gbọdọ̀ rán an létí.

Àwọn àgbà máa ń gbàgbé, àwa ọ̀dọ́ náà sì ń gbàgbé. Lóṣù tó kọjá, mo fi síìmù tuntun pe ẹ̀gbọ́n màmá mi láti tọrọ nọ́ńbà télọ̀ wọn. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè náà, mo dúró bí ère, wọ́n já fóònù mọ́ mi létí. Mo ní láti fi síìmù mi àtijọ́ pè kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jábọ́ báyìí, kì í ṣe ẹ̀rí pé olè ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbàgbé. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Fún ẹni tí kò lè há ọ̀rọ̀ sórí mọ́, ìbéèrè tí kò ní ìpìlẹ̀ rọrùn jù. Ẹ dárúkọ ẹni tí kò sí: "Ṣé Àǹtí Rẹ̀mí ti fún ẹ ní ẹrù tí mo fi rán wọn?" nígbà tí kò sí Àǹtí Rẹ̀mí kankan nínú ẹbí. Ọmọ yín yóò ní, "Rẹ̀mí wo?" Oníjìbìtì yóò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá kíá, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fún òun.

Bí owó bá ti lọ

Ní Nàìjíríà, tíránsífá ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àwọn oníjìbìtì sì máa ń pín in sí akáùntì mìíràn tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ oní-píóòsì kíákíá. Nítorí náà, kí ẹ tó sunkún, ẹ pe báńkì yín ní nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹ sọ pé jìbìtì ni, kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà láti dá ohun tó bá kù dúró. Ẹ ṣí rìsíìtì owó náà. Nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Session ID sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbọ̀n díjíìtì ni. Ẹ kà á fún wọn, òun ni wọ́n ń fi tọpa owó láti báńkì kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ má pa nọ́ńbà tó pè yín rẹ́, ẹ má sì bá wọn lò mọ́ bí wọ́n bá tún pè pé àwọn lè bá yín gba owó náà padà. Àwọn kan náà ni.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba, òdì-kejì ọ̀rọ̀ yìí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn: "Màmá yín wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká sanwó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ." Níbẹ̀, ẹ lè tẹ 159 kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ báńkì yín. Láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó di dandan fún àwọn báńkì níbẹ̀ láti dá owó padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ wọn, títí dé £85,000. Ṣùgbọ́n owó tó rìn láàárín akáùntì ìlú ọba nìkan ni òfin yìí bò. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà sí akáùntì ní Nàìjíríà kò sí lábẹ́ rẹ̀.